Láti Òdo Tàbí Láti Orí Tèṣí: Ìrírí Akápò Ilé Ìkàwé Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Nínú ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ ò pọ̀, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí a lè gbà ṣe ètò ìṣúná. Nínú èkíní, akápò á mú ìwé tèṣí jáde, á fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ilé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì gbé ìkokorẹ́ wọlé. Nínú èkejì, wọ́n á gbé ìwé tèṣí jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ohunkóhun tó bá fẹ́ gba kọ́bọ̀ á sì wá rojọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé a ò náwó lé e lórí rí. Ẹ jẹ́ ká pe èkíní ní ìṣúná àfikún, ká pe èkejì ní ìṣúná àtòdo. Mo ti fi ọ̀nà méjèèjì ṣe akápò. Ohun tí mo dì mú báyìí ni pé àtòdo wúlò fún irú ẹgbẹ́ wa, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni kí á máa lò ó: orí ìnáwó méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, kí ìyókù máa gun orí tèṣí lọ. Ẹni tó bá ní kí a fọ gbogbo rẹ̀ dànù lọ́dọọdún kò tíì jókòó ní ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí kò parí títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni wá, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, irú èyí tí ẹ máa ń rí nínú aṣọ kan náà ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Yàtọ̀ sí aṣọ, a ní ilé ìkàwé kékeré kan fún àwọn ọmọ àdúgbò. Àwọn ọmọ máa ń wá kàwé níbẹ̀ láago mẹ́rin sí mẹ́jọ alẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, àwọn olùkọ́ mẹ́ta sì máa ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ alẹ́. Owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, owó tí àwọn tó wà l'Ékòó máa ń fi ránṣẹ́, àti ohun tí a bá rí kó jọ lọ́jọ́ ọdún ilé ìkàwé ni a fi ń ṣe é. Kò sí ìjọba ńbẹ̀, kò sí ilé-ìfowópamọ́ tó ń yá wa lówó.

Ẹ wo bí 2023 ṣe rí. Epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦500,000. Olùtọ́jú ilé ìkàwé gba ₦480,000, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ alẹ́ gba ₦420,000, ẹ̀ṣọ́ gba ₦300,000. Ìwé ìròyìn jẹ ₦180,000. Ọjọ́ ọdún, pẹ̀lú kánópì, oúnjẹ àti ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ tó tayọ, jẹ ₦520,000. Ohun tó kù, ₦200,000, lọ sára àtúnṣe ilé àti ìwé tuntun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,600,000.

Ní ìparí ọdún yẹn, a fojú díwọ̀n pé ₦2,900,000 ni yóò wọlé ní 2024. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá kún gbogbo ìlà, yóò di ₦2,860,000. Owó náà tó, ₦40,000 tilẹ̀ kù sílẹ̀. Alága ti fẹ́ lu tábìlì. Bí ìṣúná àfikún ṣe máa ń rí nìyẹn: ó máa ń bọ́ sójú ìwé dáadáa, kì í bí ẹnikẹ́ni nínú, ìdajì wákàtí sì tó láti parí rẹ̀.

Ìlà epo ni mo ní kí a dá dúró lé. Ní 2022, nígbà tí lítà epo bẹntiróòlù kò ju ₦200 lọ, a ò ná ju ₦220,000 lọ lórí rẹ̀ ní ọdún kan. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, kí oṣù keje sì tó parí, lítà kan ti lé ní ₦600. Èyí túmọ̀ sí pé ₦500,000 tí a ná ní 2023 kì í ṣe iye ọdún kan tó dúró lójú kan. Oṣù márùn-ún rẹ̀ jẹ́ owó àtijọ́, oṣù méje jẹ́ owó tuntun. Fífi ìdá mẹ́wàá lé irú iye bẹ́ẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń díwọ̀n ọmọ tó gun àpótí. Ohun tí ọdún 2024 yóò gbà kò sí nínú rẹ̀ rárá, ibi yòówù kí a ti kà á.

A wá ṣe ohun tí àtòdo máa ń béèrè kó tó béèrè ohun mìíràn: a fi náírà sílẹ̀, a lọ sórí lítà. Ọ̀dọ́ tó ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wa jẹ́ kí táńkì rẹ̀ gbẹ, ó rọ lítà mẹ́rin gééré sí i, ó tan gbogbo gílóòbù àti fáànù bí a ṣe ń lò wọ́n lálaalẹ́, ó sì kọ aago sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kú lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Èyí já sí lítà kan lé díẹ̀, 1.2 gan-an, ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin lálẹ́ kan, alẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, jẹ́ lítà 24. Bí a bá yọ ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti àwọn ìsinmi mìíràn, ọ̀sẹ̀ 48 ni a ń ṣí lálẹ́, lítà 1,152 nìyẹn. Lítà kan jẹ́ nǹkan bí ₦650 lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. Ó di ₦748,800. Ìṣúná àfikún ti kọ ₦550,000 síbẹ̀. Àlàfo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦200,000 ti wà nínú ìwé tí alága fẹ́ lu tábìlì lé, ₦40,000 tó sì kù sílẹ̀ yẹn kò lè bò ó.

Bí a bá dúró níbẹ̀, a kàn ti ṣe ìṣirò tó péye nìyẹn. Àtòdo tún ní ìbéèrè kan sí i: kí ni a ń tan iná náà fún? Oòrùn kì í wọ̀ lọ́dọ̀ wa kí aago mẹ́fà tó kọjá dáadáa, àwọn fèrèsé ilé náà sì tóbi. Kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ fi ń ké láti aago mẹ́rin? Ọ̀gá Tíṣà, ẹni tó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ alẹ́, ló rántí: ní ìbẹ̀rẹ̀, a ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin tí ẹnìkan fi ta wá lọ́rẹ, àwọn ọmọ máa ń kọ́ ọ láago mẹ́rin. Àwọn kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́ tipẹ́, a ti kó wọn sínú yàrá ẹ̀yìn. Wákàtí tí wọ́n ń gbà ṣì wà nínú ìṣúná, ó ń jẹ epo. Lọ́dọọdún ni a ń fi ìdá mẹ́wàá kún owó kọ̀ǹpútà tí kò sí mọ́.

Èmi rò pé ibí yìí gan-an ni ewu ìṣúná àfikún wà, ó sì burú ju ti pé kò bá iye ọjà mu lọ. Ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó kan kì í sí lójú ìwé, iye owó nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ìdí náà bá kú, iye náà á ṣì wà láàyè.

Ìwé tí a máa ń kọ fún orí ìnáwó kọ̀ọ̀kan nínú àtòdo ni mo ń pè ní ìwé ìpinnu. Tiwa kì í ju ojú ìwé kan lọ. Ẹni tó ń bójú tó ohun náà ló ń kọ ọ́: kí ni ó wà fún, ta ni ó ń ṣe láǹfààní, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é rárá, ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí owó rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà, ó máa pín in sí ìpele. Ìpele kìn-ín-ní ni èyí tó kéré jù tí iṣẹ́ náà ṣì lè ní ìtumọ̀. Ìpele kejì ni ohun tí a lè fi kún un, pẹ̀lú iye rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpele yìí ni ọkàn gbogbo ètò náà, torí kò sẹ́ni tó lè pa ẹ̀kọ́ alẹ́ rẹ́ tàbí kó pa iná, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn lè fi ìpele kejì ohun kan wé ìpele kejì ohun mìíràn.

Fún epo, ìpele kìn-ín-ní jẹ́ wákàtí méjì, láago mẹ́fà sí mẹ́jọ: lítà 576, ₦374,400. Ìpele kejì ni wákàtí méjì tó ṣáájú, fún fáànù nìkan, iye kan náà. Fún ẹ̀kọ́ alẹ́, ìpele kìn-ín-ní ni olùkọ́ méjì, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn tó ń lọ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì, ₦15,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lóṣù, oṣù mẹ́wàá: ₦300,000. Ìpele kejì ni olùkọ́ kẹta fún àwọn ọmọ kéékèèké, ₦150,000. Fún olùtọ́jú ilé ìkàwé, ₦480,000 tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ìpele kìn-ín-ní, àfikún ₦10,000 lóṣù ni ìkejì, ₦120,000.

Ìwé ìròyìn dùn mọ́ mi. Ìwé méjì ni a ń rà, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún. Iye rẹ̀ ti gòkè, ẹ̀dà kan ti di ₦400, torí náà bí a bá ní kí á máa rà á bí ti tẹ́lẹ̀, ₦240,000 ni. Olùtọ́jú kọ orúkọ àwọn tó ń kà á sílẹ̀ fún oṣù kan. Àwọn bàbá àdúgbò ni, wọ́n máa ń wọlé láàárọ̀, kí wọ́n tó wá máa jiyàn òṣèlú títí di ọ̀sán. Kò sí ọmọ iléèwé kan nínú wọn. Kò burú kí àwọn bàbá ní ibi tí wọ́n ti ń kàwé, àmọ́ owó ọmọ ni a ń gbà lọ́wọ́ àwọn ará Èkó. Ìpele kìn-ín-ní di ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ₦80,000. Ìyókù, ₦160,000, di ìpele kejì.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ níbí. Nígbà tí Ọ̀gá Tíṣà kọ́kọ́ mú ìwé tirẹ̀ wá, ó ti yí i po: àwọn ọmọ kéékèèké ló fi sí ìpele kìn-ín-ní, ó fi àwọn oní-Wáẹ́ẹ̀kì sí ìpele kejì. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó láyà láti fa ìlà sórí àwọn oní-Wáẹ́ẹ̀kì. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ méjèèjì ni yóò gbà láìjà. Mo wo ìwé náà, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ta ni a dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fún?" Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ìwé rẹ̀ padà. Kò sí ìbínú ńbẹ̀, ohun tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ni. Àmì tí mo fi ń dá a mọ̀ kò le: bí ohun tí a torí rẹ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ kò bá sí ní ìpele kìn-ín-ní rẹ̀, ẹnìkan ń ta ayò.

Ọjọ́ ọdún ni èyí tó gbóná jù. Àlàájà tó ń ṣe alága ìgbìmọ̀ ayẹyẹ kọ ìpele kìn-ín-ní sí ₦150,000: ẹ̀bùn àwọn ọmọ àti ohun ìpanu nínú gbọ̀ngàn. Ìpele kejì ni kánópì, àga, oúnjẹ fún àlejò àti olórin, ₦370,000.

Kí a tó to àwọn ìpele kejì, a yọ ohun méjì kúrò nínú ìdíje. Ẹ̀ṣọ́ ni èkíní. Bàbá náà ti wà pẹ̀lú wa láti ìgbà tí a ti ṣí ilé náà, ₦25,000 ni lóṣù, àdéhùn sì wà láàárín wa. Kò sí ìpele kankan fún àdéhùn. Kí á máa díbọ́n pé owó bàbá yẹn ti padà sí òdo, kí á wá máa jiyàn lórí rẹ̀ níṣojú ilé, ìwà tí kò bójú mu ni, kò sì lè mú èsì mìíràn wá. Ìkejì ni àtúnṣe ilé àti oògùn ikán. Èyí ni àléébù àtòdo tí mo kà sí èyí tó burú jù fún ẹgbẹ́ kékeré. Nínú ìdíje tí olúkúlùkù ti ń gbé ohun tirẹ̀ ga, òrùlé kì í ní agbẹnusọ. Bí a kò bá fín oògùn ikán lọ́dún yìí, kò ní sí ohun tó máa hàn lọ́dún yìí. Ní ọdún kejì, a ó fa ìwé kan yọ nínú ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni yóò bá wa jáde. Lọ́dún tí ohun kan bá ń díje nípa àǹfààní ọdún kan ṣoṣo, ohun tí èrè rẹ̀ ń pẹ́ á máa fìdí rẹmi. A ya ₦250,000 sọ́tọ̀ fún un, a ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìbò lé e lórí.

Ẹ bá mi ṣe é. Gbogbo ìpele kìn-ín-ní, pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ àti àtúnṣe, jẹ́ ₦1,934,400. Nínú ₦2,900,000 tí a ń retí, a fi ₦300,000 pamọ́ fún ohun àìròtẹ́lẹ̀. Ó ku ₦2,600,000 tí a lè ná, nípa bẹ́ẹ̀ ₦665,600 ni àwọn ìpele kejì ní láti bá ara wọn pín. Ìpele kejì márùn-ún ló wà, àpapọ̀ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó náà.

A pín ìwé pélébé fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, olúkúlùkù kọ ìtòtẹ̀léra tirẹ̀ láìfi hàn ẹlòmíràn, kí a má baà máa wojú alága kí a tó dìbò. Nígbà tí a kà á pọ̀, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wá sókè, ó gba ₦150,000. Àfikún owó olùtọ́jú tẹ̀lé e, ₦120,000. Ó ku ₦395,600. Ohun tó kàn jẹ́ ìjà gidi: kánópì àti olórin jẹ́ ₦370,000, wákàtí méjì fáànù jẹ́ ₦374,400. Ọ̀kan ṣoṣo ló lè wọlé nínú wọn. Ìwé ìròyìn ti wà lẹ́yìn pátápátá, àwọn bàbá kò sí ní ìpàdé.

Mo gbàgbọ́ pé bí a kò bá ṣe àtòdo, a ò ní gbé àwọn méjì yẹn kalẹ̀ síwájú ara wọn láé. Nínú ìwé àfikún, ọjọ́ ọdún ní ìlà tirẹ̀, epo ní ìlà tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ń bi wọ́n pé ta ni kí ó lọ kí ẹnìkejì lè dúró.

Àlàájà ní ọ̀rọ̀ tó lágbára, n ò sì ní fi í pamọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ń ka ọjọ́ ọdún sí ìnáwó nìkan. Ṣé ẹ ò rí owó tó ń mú wọlé ni? Tí ẹ bá pa á, ṣé ₦2,900,000 yẹn ṣì máa pé?" Òótọ́ ni. Àtòdo máa ń hùwà bí ẹni pé owó tó ń wọlé ti dúró sójú kan, kí a kàn pín in ló kù. Ní ẹgbẹ́ tó ń gba ọrẹ, ìnáwó mìíràn ló ń bí owó tí a fẹ́ pín.

A mú ìwé rìsíìtì tèṣí wá. ₦910,000 ni a kọ sí ọjọ́ náà. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ̀ọ̀kan, ₦600,000 nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ èèyàn mẹ́rin tí a kọ lẹ́tà sí. Wọ́n fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì, wọn ò sí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà rárá. Àwọn tó wà lábẹ́ kánópì ló kó ₦310,000, a sì ná ₦520,000 láti gbà á lọ́wọ́ wọn. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló ka iye yẹn sókè. Ó ní kí a fún òun ní ₦200,000 dípò ₦370,000, òun á lo gbọ̀ngàn, kò ní sí kánópì, kò ní sí olórin, oúnjẹ á wà torí ẹni tí ebi ń pa kì í tọwọ́ bàpò. Bí a ṣe dá ìpele tuntun sílẹ̀ láàárín nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ náà dé, ₦265,000 ni a rí nínú gbọ̀ngàn, ó fi ₦45,000 dín sí tèṣí, ìnáwó ọjọ́ náà sì fi ₦170,000 dín.

Ó ṣẹ́ku ₦195,600. Kò tó fún wákàtí méjì fáànù, ó tó fún wákàtí kan. A pinnu pé kí ó dúró títí iléèwé yóò fi wọlé lóṣù kẹsàn-án, bí iye epo kò bá yẹ̀, a ó fi wákàtí kan kún un. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án 2024 gan-an ni owó epo tún fò sókè, kí a sì tó jáde nínú oṣù kẹwàá, nǹkan bí ₦1,000 ni a ń ra lítà kan. Torí pé lítà ni a kọ sínú ìwé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi tún un ṣe: ọ̀sẹ̀ 16 ló kù, lítà 12 lọ́sẹ̀, ₦350 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦67,200. Mo yọ ọ́ nínú owó tó ṣẹ́ kù, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Ìbá jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin ni a ṣì ń tan iná, ₦134,400 ni, lórí ìlà tó ti ní àlàfo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Lẹ́yìn èyí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kí a máa ṣe gbogbo rẹ̀ láti òdo lọ́dọọdún. Èmi ni mo ta kò ó. Iṣẹ́ náà gba ìpàdé mẹ́ta gígùn, olùtọ́jú fi oṣù kan kọ orúkọ oníwèé ìròyìn, olúkúlùkù kọ ìwé tí kò rọrùn fún un. Àwọn tó ní owó jù wá lọ pàápàá kò lè gbé e pẹ́. Peter Pyhrr ló ṣe é ní iléeṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà, ó kọ nípa rẹ̀ ní 1970. Jimmy Carter, tó jẹ́ gómìnà Georgia, kà á, ó sì pe Pyhrr wá síbẹ̀. Nígbà tó di ààrẹ, ó pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọba àpapọ̀ máa lò ó. Ìwé pọ̀ ju ẹni tó lè kà á lọ, ìjọba Reagan sì fòpin sí i ní 1981. Nílé wa níbí, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àtòdo ni a ó fi ṣe ìṣúná 2016. Nígbà tó dé ilé aṣòfin, ariwo ta pé àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mínísítà kan sì sọ fún àwọn sẹ́nétọ̀ pé ohun tó wà níwájú wọn kì í ṣe ohun tí iléeṣẹ́ òun kọ ránṣẹ́. Kíkọ òdo sórí ìwé kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Rírí ẹni tó máa ka ìdáhùn ló ṣòro.

Torí náà, bí a ṣe ń ṣe é láti 2025 nìyí. Ọ̀pọ̀ ìlà ń gun orí tèṣí: owó olùtọ́jú, owó ẹ̀ṣọ́, àtúnṣe ilé. Àwọn ìlà yìí ni ìṣúná àfikún dára fún, torí ẹni tó ń gba owó oṣù kò gbọdọ̀ máa sùn lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹ̀rù pé wọ́n á tún bi òun léèrè ìdí tí òun fi wà. Àmọ́ a kì í fi ìdá mẹ́wàá kan náà lé gbogbo rẹ̀ mọ́. Níbi tí a bá lè kọ iye ohun àti iye owó ẹyọ kan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ń kọ ọ́, owó ẹyọ nìkan ni a sì ń tún ṣe.

Ìlà tó ń padà sí òdo ní àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Èkíní, kí ó ti gba ju ìdá kan nínú márùn-ún owó ọdún lọ. Èkejì, kí owó rẹ̀ ti fò ju bí ìyókù ṣe gòkè lọ láàárín ọdún. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo fẹ́ràn jù, kí a bi ilé pé ta ló lè sọ ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ó máa jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló rántí, tàbí kò sẹ́ni tó rántí. Bí ìlà kan kò bá ní àmì kankan, ó máa padà sí òdo lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta, kí ó má baà sùn gbàgbé ara rẹ̀.

Owó oṣù olùtọ́jú ní àmì èkíní, a sì ń fi í sílẹ̀. Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé. Èsì mi ni pé wákàtí tí a ń ṣí ilé náà ni kí a gbé lọ sí òdo, kì í ṣe ẹni tó ń ṣí i. Bí àwọn wákàtí bá yí padà, a ó bá a sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn tuntun ní gbangba.

Àwọn bàbá oníwèé ìròyìn gbọ́ nígbẹ̀yìn. Wọ́n rán ẹnìkan sí mi, wọ́n ní àwọn á máa dá owó ra ti ọjọ́ mẹ́rin tó kù fúnra wọn, bí a bá jẹ́ kí wọ́n máa jókòó sí ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Kò sí ìlà tó gba ìyẹn nínú ìwé mi, nítorí náà mo ṣí ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ owó tó ń wọlé. Fún ìṣúná tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́ alẹ́ àti ìwé ìròyìn ló kàn láti padà sí òdo, Ọ̀gá Tíṣà sì ti ń béèrè lọ́wọ́ mi ṣáájú àkókò pé èwo ni kí òun fi sí ìpele kìn-ín-ní.